Ìwé owó-ilé-ìwé tó ṣẹ́kù: báwo la ṣe lè gé e kúrú, kí iye owó àti ọjọ́ ìparí ṣíwájú?

Akọ̀wé Akóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akọ̀wé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn. Ìwé tí à ń fún àwọn òbí tí owó ṣì kù lọ́rùn wọn gùn púpọ̀, mo sì bá a níbẹ̀ ni. Tí a bá ti pín in tán, fóònù ọ́fíìsì kò ní sinmi. "Èló ló kù lọ́rùn mi?" "Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á?" Bẹ́ẹ̀ mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ ibi tí mo ti máa gé e. Mo ti yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kúrò, mo sì ti pààrọ̀ orúkọ ọmọ.

> Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,
>
> Inú àwọn aláṣẹ, àwọn olùkọ́ àti gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí dùn láti kí yín kú táàmù tuntun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, a kò fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín ṣeré rárá. Ẹ sì mọ̀ bí nǹkan ṣe wọ́n lóde báyìí, láti orí epo jẹnẹrétọ̀ dé orí owó oṣù àwọn olùkọ́ àti ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé.
>
> Owó Ayọ̀mídé, Pírámárì 3, fún táàmù yìí jẹ́ ₦95,000 gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé ẹ ti san ₦60,000, a sì dúpẹ́ púpọ̀. A wá fi ọ̀wọ̀ rọ̀ yín pé kí ẹ gbìyànjú láti san ìyókù láìpẹ́, ó pẹ́ tán ìparí oṣù yìí, kí iṣẹ́ lè máa lọ geere. Ẹ lè san án sí àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́. Ọlọ́run yóò máa bù sí àpò yín.

Ọmọ Ògùnpa

Ìwé kọ́ ló ń dà yín láàmú. Àwọn òbí yẹn mọ iye tó kù, wọn ò kàn fẹ́ san ni. Ẹ dá àwọn ọmọ padà ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó ti wọlé.

Akọ̀wé Akóbọ̀

Mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dídá ọmọ padà kọ́ ni mo gbé wá. Àwọn tó ń pè mí lórí fóònù fẹ́ san. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni iye àti ọjọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i nínú ìwé láìpè mí.

Bọ́sà Fẹ̀yìntì

Iṣẹ́ bọ́sà ni mo ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lápá Bódìjà kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìwé yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá gan-an. Akọ̀wé, ẹ tún ìwé yín kà pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Iye tó kù kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ 95,000, ẹ kọ 60,000, ẹ wá ní kí wọ́n san "ìyókù". 35,000 tí ẹ ń wá kò hàn níbì kankan. Òbí ló máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sì dá a lójú pé bí òun ṣe yọ ọ́ náà lẹ yọ ọ́, torí ó lè rò pé gbèsè táàmù tó kọjá tún wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè yín.

Ẹlòmíràn kò ní yọ nǹkan kan. Owó tó kọ́kọ́ rí ló máa mú. Ó rí 95,000, orí rẹ̀ gbóná, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ láti wá bèèrè ibi tí 60,000 tí òun san wọ̀. Tí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pín ìwé, ẹ má bá a jà. Owó tí kò yẹ kó ṣíwájú ló ṣíwájú nínú ìwé yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìparí rí. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. "Ìparí oṣù" náà, ẹni tó ń gba owó oṣù yóò kà á sí ọjọ́ tí owó bá wọlé, oníṣòwò yóò kà á sí ọjọ́ tó kẹ́yìn pátápátá, ẹlòmíràn yóò sì ní tí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù tuntun kò bá tíì parí, òun ò tíì pẹ́. Ẹ dá orúkọ ọjọ́, ọjọ́ àti oṣù mọ́ra wọn: Furaidé, ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀kan kà, èkejì á tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń mú bírò, mo fa igi sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí òbí máa lò láti san owó: orúkọ ọmọ, iye, ọjọ́, ibi tí wọ́n máa san án sí. Nínú ìwé yín, ohun tí mo fa igi sí abẹ́ rẹ̀ kò tó ìlà méjì. Ìyókù jẹ́ ìkíni, àdúrà àti àlàyé ìdí tí owó fi pọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò. Ìpàdé òbí ni ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ti san 60,000 ti gbà pé owó náà tọ́, tí ẹ bá tún wá ń rò ó fún un, ṣe lẹ ń ṣí ẹjọ́ tó ti parí.

Àgbà Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ Bọ́sà dára, ṣùgbọ́n ibì kan kò bá mi lára mu. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìwé kan wọ ilé mi kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "₦35,000"? Ọmọ Yorùbá ni wá. Bí ẹnì kan bá wá sin gbèsè nílé mi, á kí mi ná, á bèèrè àlàáfíà ilé, kó tó sọ ohun tó bá wá. Ìwé tí kò kí èèyàn, àfojúdi ni mo kà á sí, mo sì lè fi owó yẹn sílẹ̀ títí ọjọ́ tẹ́ ẹ dá á fi kọjá. Ẹ fi ìkíni àti àdúrà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kàn kọ iye náà ní lẹ́tà ńlá nísàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òjé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n ń kọ ìwé sí náà sọ̀rọ̀. Mo ń ta aṣọ. Ọmọ mi máa ń gbé ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí oníbàárà wà níwájú mi, ọ̀pá ìwọnṣọ lọ́wọ́ mi. Mo máa wo òkè rẹ̀. Tí mo bá rí "inú àwọn aláṣẹ dùn", ìkíni ni mo kà á sí, mo sì máa ká a sínú pọ́ọ̀sì pé tí mo bá délé n ó kà á. Ibẹ̀ ló máa wà títí ọjọ́ á fi kọjá. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ san.

Ti ìbejì mi tiẹ̀ tún le. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ti Táíwò lọ́tọ̀, ti Kẹ́hìndé lọ́tọ̀. Nígbà kan, ìwé Kẹ́hìndé wà nínú báàgì rẹ̀, kò fún mi. Mo san ti Táíwò, mo ní mo ti san tán. Wọ́n wá pe Kẹ́hìndé síta níwájú kíláàsì. Ọmọ náà sunkún délé, èmi náà sunkún. Kí ló dé tí wọn ò kó méjèèjì sínú ìwé kan fún ìyá kan?

Ohun kan tún wà, ẹ má fi orúkọ àti gbèsè sínú ẹgbẹ́ òbí lórí Wáàsáàpù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, mo máa kó àwọn ọmọ mi kúrò níbẹ̀.

Bọ́sà Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ti sọ ohun tí èmi fẹ́ sọ jù mí lọ. Òbí kì í jókòó ka ìwé wa, òkè rẹ̀ ni wọ́n ń wò láàárín iṣẹ́. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ bà ló máa sọ bóyá wọ́n máa ká a tàbí kà á.

Bàbá Mọ́kọ́lá, mo gbà pé ìkíni gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí a ti yà ni bó ṣe gùn tó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá Ayọ̀mídé" ti tó ìkíni, ó sì tún dára ju "ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n" lọ, torí ó fi hàn pé ẹni tí à ń kọ ọ́ sí la mọ̀. Ìlà kan péré ni. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni kó jẹ́ owó àti ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí àdúrà wá nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà la ti ń ṣàdúrà nílé tí àlejò bá fẹ́ máa lọ. Ní ti lẹ́tà ńlá nísàlẹ̀, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí ìwé bá ti ká, ìsàlẹ̀ ló ń wọ inú. Gbogbo nǹkan ní lẹ́tà ńlá sì máa ń dà bí ẹni ń pariwo mọ́ èèyàn.

Bí màá ṣe kọ ti Ayọ̀mídé rèé:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá Ayọ̀mídé.
>
> Owó tó kù: ₦35,000
> Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ ìparí tí ẹ máa san án: Furaidé, ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá
>
> Ọmọ: Ayọ̀mídé, Pírámárì 3. Àkáǹtì tó wà lórí káàdì owó-ilé-ìwé rẹ̀ ni kí ẹ san án sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí i.
>
> Bí a ṣe dé ibẹ̀: gbogbo owó táàmù yìí jẹ́ ₦95,000, ẹ ti san ₦60,000. Owó tó wọlé títí di ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá la kà. Bí ẹ bá ti san lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ fi rìsíìtì hàn wá, ẹ ṣeun.
>
> Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wá rí akọ̀wé kó tó pé.
>
> Ọlọ́run á máa bù sí i.

Ẹ wò ó pé 95,000 àti 60,000 ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà lẹ́yìn 35,000. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wá wò á rí wọn, ẹni tí kò bá fẹ́ ti rí ohun tó ń wá.

Ẹ má yọ gbólóhùn ọjọ́ 17 yẹn kúrò láé, bó ti wù kí ẹ fẹ́ gé ìwé tó. Láàárín ìgbà tí ẹ ṣírò àti ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ òbí, ẹnì kan á ti san. Tí kò bá rí ọjọ́ tí ìṣirò parí, ó máa rò pé owó òun sọnù. Orúkọ ọmọ tún ṣe pàtàkì torí ọ̀pọ̀ òbí ń san lọ́dọ̀ àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Orúkọ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ni bánkì máa fi hàn yín, ẹ ó sì jókòó máa wo 35,000 tí ẹ ò mọ ọmọ tó ni ín.

Ti ìbejì, ìyá kan, ìwé kan. Àròpọ̀ ni kó wà lókè, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan á wá nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí Táíwò bá kù 20,000, tí Kẹ́hìndé náà kù 20,000, ₦40,000 ni kí ìyá wọn kọ́kọ́ rí.

Kọ̀ǹpútà Dùgbẹ̀

Kí lẹ tún ń fi bébà ṣe? Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù. Lẹ́tà 160 ló ń gbà, ẹ ò ní lè sọ isọkúsọ kankan níbẹ̀ bó ti wù kó rí. Ẹ da ìlà méjì tí Bọ́sà kọ yẹn sí i pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ àti àmì náírà, ó parí.

Olùkọ́ Ẹlẹ́yẹlé

Kọ̀ǹpútà Dùgbẹ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. 160 yẹn jẹ́ fún lẹ́tà lásán. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ, ọ tàbí ṣ tó ní àmì lábẹ́ bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí 70. Àmì ₦ náà ń fà á. Tó bá ti ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó sì san owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù kékeré mìíràn, apá kejì lè dé ṣáájú èkíní. Òbí á wá rí àdúrà kó tó rí iye owó.

Bébà àti Wáàsáàpù ni kí ẹ fi àmì ohùn sí dáadáa. Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
E ku ise o. Owo Ayomide (Pry 3) to ku: N35,000.
Ojo ipari: Jimoh 31/10. Akanti wa lori kaadi owo.
E ko oruko omo si i.
```

Kò tó 130, ojú kan ló máa gbà. Ó dùn mí láti rí Yorùbá láìní àmì, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣi iye àti ọjọ́ kà.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn òbí kan ti fi 2442 dí àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́ fóònù wọn. Tó bá jẹ́ pé ojú-òpó tó ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan lẹ ń lò, ó lè sọ fún yín pé òun ti fi ránṣẹ́, kó má sì dé. Ẹ wo ìròyìn bó ṣe dé, kì í ṣe ti bó ṣe lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dé, ẹ fún un ní bébà. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa ẹgbẹ́ òbí, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ sí.

Ọmọ Ògùnpa

Ẹ ṣì ń wò ó bí ẹni pé gbogbo òbí ló fẹ́ san. Ìwé tó wà níbẹ̀ yẹn kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọjọ́ 31 bá kọjá. Ta ló máa bẹ̀rù rẹ̀?

Bọ́sà Fẹ̀yìntì

Òótọ́ wà nínú èyí. Ìwé àkọ́kọ́ kò nílò ìhalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìlànà kan bá wà pé ẹni tí kò san kò ní gba èsì ìdánwò, ó yẹ kí òbí mọ̀ ọ́n ṣáájú, nínú ìlà kan, lábẹ́ ọjọ́. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣe lóòótọ́ nìkan ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ tẹ́ ò ṣe é lọ́dún yìí, wọn ò ní ka ti ọdún tó ń bọ̀ sí. Ti pípe ọmọ síta níwájú kíláàsì, èmi ò fara mọ́ ọn, kò sì sí òbí tí mo rí tó tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́.

Akọ̀wé Akóbọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé ti Bọ́sà lọ sọ́dọ̀ màámi tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n gba iye àti ọjọ́ lókè, wọ́n sì gba ìwé kan fún ìyá kan. Ohun tí wọn ò gbà ni pé kí àlàyé ọ̀wọ́n kúrò. Wọ́n ní àwọn òbí yóò rò pé a kàn ń fẹ́ owó ni.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Àwọn òbí kan ti bá wa ṣàdéhùn pé àwọn á máa san díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan kù 45,000, ó ní òun á san 15,000 lóṣooṣù. Èwo ni kí n kọ sókè fún un?

Bọ́sà Fẹ̀yìntì

15,000 ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó san báyìí ni iye tirẹ̀. 45,000 á wà nísàlẹ̀, pé èyí ló kù lápapọ̀. Bí ẹ bá gbé 45,000 sókè fún ẹni tó ti bá yín ṣàdéhùn, ó máa rò pé ẹ ti yẹ àdéhùn. Ìlà kan á wá sọ ọ́: "Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, ₦15,000 ti oṣù kẹwàá".

Bí ọ̀pọ̀ òbí yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ rántí pé nǹkan bí ọjọ́ 25 ni owó oṣù wọn ń wọlé. Ọjọ́ ìparí tó bá ṣáájú ìgbà yẹn kò ní mú owó jáde lọ́wọ́ wọn. 31 tí a mú yẹn dára fún wọn. Fún àwọn oníṣòwò, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ní ti màámi, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ àlàyé ọ̀wọ́n sínú ìwé mìíràn tí gbogbo òbí máa gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kì í ṣe èyí tó ń bèèrè gbèsè. Bí wọn ò bá tún gbà, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn bébà.

Àgbà Mọ́kọ́lá

Lẹ́yìn bébà kẹ̀? Èmi ṣì sọ pé kí ìkíni tó ìlà méjì. Ṣùgbọ́n ti "ìyá Ayọ̀mídé" yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí kọ "bàbá" tó bá jẹ́ pé bàbá ló ń san.

Ìyá Ìbejì Òjé

Ẹ̀yin Akọ̀wé, bí ẹ bá ti pín in, ẹ wá sọ fún wa bóyá ìpè dínkù. Mo fẹ́ gbé ti Bọ́sà yẹn lọ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, tí Bọ́sà bá gbà.

Bọ́sà Fẹ̀yìntì

Ẹ gbé e lọ, mo gbà. Orúkọ àti owó tiwọn ni kí wọ́n kàn fi sí i.

Akọ̀wé Akóbọ̀

Mọ́ńdè ni a máa pín in. Mo ti sọ fún ẹni tó ń gbé fóònù ọ́fíìsì pé kó máa kọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá pè bèèrè sílẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá "èló" ni wọ́n ṣì ń bèèrè tàbí nǹkan mìíràn. Ti àwọn oníṣòwò, mi ò tíì mọ ọjọ́ tó máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹni tó bá ń tajà ní Òjé tàbí Bódìjà, ẹ bá mi sọ ọ́: ṣé ìparí oṣù dára fún yín, àbí ẹ̀yìn ọjọ́ ọjà?